Bí ṣánẹ́lì lẹ́sìnnì mátíìsì mi ṣe dé ẹgbẹ̀rún kan láti Adó-Èkìtì, àti bí ìwọ náà ṣe lè ṣe é

Mátíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní sẹ́kọ́ńdìrì kan l'Adó-Èkìtì. Látìgbà tí ṣánẹ́lì mi lórí Yútúùbù ti pé ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó sọbusikiráìbù làwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, títí kan ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Oṣù 19 ló gbà mí o. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rin, èèyàn 61 péré ni mo ní, ẹbí mi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn yẹn ò sì ní ìdánwò kankan tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohùn rẹ àti ìwé tó ò ń kọ nǹkan sí

Kíláàsì ni mo ti gba fídíò márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ilé ìwé. Mo rò pé bọ́ọ̀dù ńlá yẹn ló máa dáa jù. Ṣùgbọ́n ògiri lásán àti páànù ni kíláàsì yẹn, ńṣe lohùn mi ń padà bọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga, ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù láàárín ìṣẹ́jú kẹfà tí mi ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ fúnra mi mọ́. Mo kó kúrò níbẹ̀, mo lọ sí yàrá mi l'Ajílósùn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì àti aṣọ tó wà lórí ìkọ́ ti máa ń gba ariwo mọ́ra, mo ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Sátidé ni mo máa ń gbà á, torí nírọ̀lẹ́ tíná bá ti lọ báyìí, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ló máa wọlé sínú fídíò.

Bọ́ọ̀dù náà, mo fi í sílẹ̀. Ìwé A4 ni mo ń tẹ́ sórí tábìlì, mo so fóònù mọ́ nǹkan lókè kó máa wo ìwé náà nísàlẹ̀, mo ń fi máákà tó nípọn kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, torí èyí ṣe pàtàkì fún àwa tá à ń kọ́ ọmọ níbí. Fóònù ìyá wọn lọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí fi ń wo fídíò, dátà inú ẹ̀ kì í ṣe tiwọn, torí náà 144p tàbí 240p ni wọ́n ń fi sí kó má bàa tán. Tó o bá kọ nǹkan sórí bọ́ọ̀dù, tí ọmọ wá ń wò ó ní 144p, 6 ò yàtọ̀ sí 8 mọ́, àmì ìyọkúrò á sì pòórá pátápátá. Ọmọ náà ò ní sọ fún ẹ pé òun ò ríran, á kàn kúrò ni.

Torí náà kó o tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, gbé fídíò náà sókè bíi `Private`, ṣí i lórí fóònù tìẹ, tẹ ibi `Quality`, tẹ `Advanced`, mú `144p`, kó o na ọwọ́ tó o fi di fóònù mú síwájú. Tó ò bá lè ka gbogbo nọ́ḿbà tó wà níbẹ̀ láìfẹ́jú, tún un kọ. Èmi ò kì í kọ ju ìlà márùn-ún lọ sórí ìwé kan mọ́, tó bá ti kún mo mú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìbéèrè kan tí Yútúùbù máa bi ẹ́, má ṣì í dáhùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì kan sábẹ́ fídíò mi. Mo rò pé kò sẹ́ni tó bìkítà. Àfi ìgbà tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá kí mi, mo ní kó bá mi wo fóònù yẹn, ló bá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ti kọ́mẹ́ǹtì pa. Ẹ sọ fún wọn pé fídíò ọmọdé ni." Òótọ́ ni. Nígbà tó o bá ń gbé fídíò sókè, wọ́n á bi ẹ́ bóyá fún àwọn ọmọdé ni, èmi sì rò lọ́kàn mi pé ṣebí ọmọ làwọn ọmọ ilé ìwé mi, mo tẹ `Yes, it's made for kids`. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ò tíì pé ọdún 13 ni wọ́n ní lọ́kàn níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ SS3 tó ń múra Wáẹ̀kì. Tó o bá ti tẹ `Yes`, kọ́mẹ́ǹtì á kú, aago tó ń ta èèyàn lólobó pé fídíò tuntun ti dé náà á kú, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè tọ́jú fídíò ẹ sínú plẹ́lísìtì tiẹ̀.

`No, it's not made for kids` ni kó o tẹ̀. Tó o bá ti ṣe bíi tèmi, wọ inú YouTube Studio, lọ sí `Settings`, `Channel`, `Advanced settings`, kó o yí i padà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kó o yẹ àwọn fídíò àtijọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tí mo yí tèmi padà ni mo rí kọ́mẹ́ǹtì àkọ́kọ́, ọmọ kan ló béèrè pé ibo ni 240 ti wá. Ẹ fi 240 yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbéèrè kan, fídíò kan

Mo ṣe fídíò kan nígbà yẹn lórí bẹ́ríìnì, ìṣẹ́jú 38, gbogbo tópíìkì náà látòkè délẹ̀ bí mo ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Inú mi dùn sí i gan-an. Nígbà tí mo wo iye àsìkò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń wò ó, ìṣẹ́jú méjì àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà ni. Mo pe ọmọ SS3 mi kan, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ó ní, "Mà, ẹ má bínú mà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí níbẹ̀, mi ò mọ ibi tó wà."

Ọmọ tó bá jókòó sí kíláàsì ò ní ibi tó máa sá lọ, ìwọ lo mọ ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wá sórí Yútúùbù lágogo mẹ́wàá alẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá kan ló ti há a lọ́wọ́, ohun tó há a yẹn ló tẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Torí náà mo gé bẹ́ríìnì sí wẹ́wẹ́, ìbéèrè kan fún fídíò kan, kò ju ìṣẹ́jú méje lọ.

Orúkọ fídíò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ máa tẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé ètò ẹ̀kọ́ tìẹ. Ṣí Yútúùbù, tẹ `bearing and` síbi ìwákiri, má tíì tẹ ohunkóhun mọ́, kó o wo ohun tí wọ́n máa jẹ́ kó yọ sísàlẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń wá ni wọ́n ti fi ṣètò ìyẹn. Mo yí orúkọ fídíò mi kúrò ní `LESSON 4: BEARING` sí `WAEC Maths: how to solve bearing and distance (8 km, then 6 km)`. Òyìnbó ni mo fi kọ orúkọ ẹ̀ torí òyìnbó làwọn ọmọ fi ń wá a, òyìnbó náà ni ìdánwò, ṣùgbọ́n nínú fídíò, tó bá ti dé ibi tó le, Yorùbá ni mo fi ń là á, mi ò sì rí ọmọ tó ṣàròyé rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ka grááfù náà bí ìgbà tó ò ń máàkì ìwé

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ṣánẹ́lì mi ti yí padà.

Tó o bá wọ YouTube Studio, tó o mú fídíò kan, tó o tẹ `Analytics`, wàá rí ìlà kan tó ń sọ iye èèyàn tó ṣì ń wò ó ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlà yẹn ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, má bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tó o máa wá ni ibi tó ti jábọ́ lójijì, àti ibi tó ti tún gòkè díẹ̀. Ibi tó ti jábọ́, ibẹ̀ lo ti sú wọn tàbí tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá. Ibi tó ti gòkè, wọ́n padà sẹ́yìn láti tún ibẹ̀ wò ni.

Ìbéèrè tó wà nínú fídíò mi yẹn nìyí: ẹnì kan rìn láti P lọ sí Q, kìlómítà 8, bẹ́ríìnì 060°, ó wá rìn láti Q lọ sí R, kìlómítà 6, bẹ́ríìnì 150°. Báwo ni R ṣe jìnnà sí P tó, kí sì ni bẹ́ríìnì R láti P?

```
back bearing of P from Q = 060° + 180° = 240°
angle PQR = 240° - 150° = 90°
PR² = 8² + 6² = 100,  PR = 10 km
tan QPR = 6/8,  QPR = 36.87°
bearing of R from P = 060° + 36.87° ≈ 097°
```

Nínú grááfù tèmi, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ kí sẹ́kọ́ńdì 30 tó pé. Mo padà wo ohun tí mò ń ṣe nínú sẹ́kọ́ńdì 30 yẹn, mò ń kí wọn ni, mò ń sọ orúkọ ṣánẹ́lì, mò ń sọ pé kí wọ́n sọbusikiráìbù. A mọ̀ pé ìkíni ò ṣeé fò lójú kojú lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tó ń wá ló dé ò tíì dúró gbọ́ ìkíni. Ní báyìí, ìwé tí mo kọ ìbéèrè sí ló kọ́kọ́ ń yọ, mo sọ ìdáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà, pé 10 km àti 097° ló máa jẹ́, mo wá ní ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe dé bẹ̀. Gbólóhùn kan ni mo fi ń kí wọn lẹ́yìn ìyẹn. Pé kí wọ́n sọbusikiráìbù, mo gbé e lọ síbi tí ìdáhùn ti jáde tán, nígbà tó ti yé ọmọ náà tí inú ẹ̀ ń dùn.

Èkejì ni òkè kékeré kan tó wà láàárín ìṣẹ́jú 2:40 sí 3:15. Wọ́n ń padà síbẹ̀ ṣáá. Ibẹ̀ ni mo ti fa ìlà àríwá kejì, ìyẹn èyí tó wà lórí Q, tí mo sì sọ pé back bearing jẹ́ 240°, mo kàn sọ ọ́ kọjá ni torí lójú tèmi nǹkan kékeré ni. Ó wá jọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó béèrè pé ibo ni 240 ti wá. Mo gbé ìbéèrè kan náà fún kíláàsì mi lọ́jọ́ kejì, ọmọ 42, 27 nínú wọn fa ìlà àríwá kan ṣoṣo, lórí P, wọ́n wá ń wọn 150° láti ara ìlà PQ. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ wọn, mo máa ń sọ pé wọn ò kàwé ni.

Mo bá ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìlà àríwá kejì nìkan. Mo ní kí wọ́n ronú pé wọ́n dúró l'Adó, wọ́n kọjú sí Ìkẹ́rẹ́, gúúsù ni wọ́n kọjú sí, bíi 180°. Wọ́n wá wọ mọ́tò dé Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n nàka sí Adó padà. Àríwá ni, 000°. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tó o dúró sí ti yàtọ̀, o sì gbọ́dọ̀ tún àríwá wá níbi tuntun tó o dé, torí náà 180° ló máa wà láàárín àlọ àti àbọ̀. Ibi yòówù tó o bá dé nínú ìbéèrè, P ni o, Q ni o, fa ìlà àríwá kó o tó ṣe ohunkóhun.

`Bearing: where to draw the second North line (WAEC Maths)` ni mo pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn 19 ló wò ó. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún kan tí mo ní yìí, 388 ló wá látinú fídíò yẹn nìkan, Studio máa ń fi hàn ẹ́ iye tí fídíò kọ̀ọ̀kan mú wá.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Má ka grááfù fídíò tí èèyàn 20 tàbí 30 wò. Ọmọ kan ṣoṣo tó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè ṣe òkè síbẹ̀, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ ní fi hàn ẹ́ rárá. Èmi máa ń dúró kó kọjá ọgọ́rùn-ún, kí n tó gbà á gbọ́. Tó o bá ní kíláàsì, fi ìbéèrè náà dán àwọn ọmọ ẹ wò bí mo ṣe ṣe, ìyẹn ló dájú jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: líǹkì ni kó o pín, má pín fídíò

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ Físíìsì fẹ́ràn fídíò mi débi pé wọ́n ń dáúnlóòdù ẹ̀, wọ́n ń jù ú sí gúrúùpù Wásáàpù àwọn òbí. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n Yútúùbù ò lè ka ohun tí wọ́n wò lórí Wásáàpù, kò sì sí ibi tọ́mọ ti máa rí bọ́tìnnì sọbusikiráìbù níbẹ̀. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ gan-an o, ẹ jọ̀ọ́, líǹkì ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́." Wọ́n ní dátà àwọn òbí ni àwọn ń rò. Mo wá fi hàn wọ́n pé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 144p lórí Yútúùbù kì í sábà gba ju bíi 20 MB lọ, nígbà tí èyí tí wọ́n dáúnlóòdù ní 720p lè kọjá 100 MB. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi líǹkì ránṣẹ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n fi sí 144p.

Mi ò kì í jẹ́ kójú ọmọ ilé ìwé kankan yọ nínú fídíò, ọwọ́ mi àti ìwé nìkan ni, torí ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ohun tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe

Lóṣù karùn-ún tí mo bẹ̀rẹ̀ ṣánẹ́lì náà, ó sú mi, mo wọ gúrúùpù kan tí wọ́n ti ń ṣe "sọbusikiráìbù fún mi kí n sọbusikiráìbù fún ẹ". Mo kúrò ní 61, mo di 148 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti wálẹ̀ sí 97. Yútúùbù ò gba irú ẹ̀ láyè, wọ́n máa ń yọ wọ́n kúrò, wọ́n sì lè fìyà jẹ ṣánẹ́lì náà fúnra ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù gan-an ò wo fídíò mi kan rí, oúnjẹ àti aṣọ lòmíràn ń tà, kí ló fẹ́ fi bẹ́ríìnì ṣe?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: mọ ìgbà tí wọ́n máa wá ọ

Fídíò ìlà àríwá kejì yẹn, July ni mo gbé e jáde, nígbà tí Wáẹ̀kì ọdún yẹn ti parí. Mo rò pé mo ti pàdánù nìyẹn. Ó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, èèyàn mẹ́ta lónìí, méje lọ́la, nígbà tó fi máa di Kérésì ẹni 640 ti wò ó, mo sì ti di 412. Nígbà tí January wọlé tí Jáǹbù àti Wáẹ̀kì ń sún mọ́lé, ó ti pẹ́ nílẹ̀ tó tí ìwákiri fi mọ̀ ọ́n, ló bá ń yọ lókè. 505 ní ìparí February, 640 ní March, 815 ní April. Àwọn fídíò tí mo sáré ṣe ní April fúnra ẹ̀, títí ìdánwò fi parí, kò sẹ́ni tó rí wọn.

Torí náà ohun tó o fẹ́ kí ọmọ rí ní April, láàárín September sí November ni kó o ti gbé e síbẹ̀. Tó bá di June tí iye ń sọ̀ kalẹ̀, má pa fídíò kankan rẹ́, ìdánwò ló parí. Èmi ń ṣe fídíò kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí mo bá ń máàkì ìwé ìdánwò mi ò kì í ṣe rárá.

Lọ́jọ́ Tuesday kan ní ìparí May ló pé. Mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣí Studio yín!" 1,000 ni mo rí. Mo jókòó díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Kí n sọ èyí fún yín kedere, torí ó pọ̀ èèyàn tó rò pé owó ti ń wọlé nìyẹn. Kí Yútúùbù tó máa pín owó ìpolówó fún ẹ, yàtọ̀ sí 1,000 yẹn, tí kì í bá ṣe àwọn fídíò kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Shorts lo gbójú lé, àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ ti wo fídíò ẹ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, èyí tí wọ́n sì wò nínú Shorts kì í sí lára ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí 1,260 ni mo ní. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sì ń wo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tó ìgbà 80,000 tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó. Bí mo ṣe ń gé fídíò kúrú náà ló ń dín wákàtí kù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ẹ̀ padà sí ìṣẹ́jú 38. Ohun tí mo ṣe ni pé mo to àwọn fídíò bẹ́ríìnì mẹ́jọ tẹ̀ léra nínú plẹ́lísìtì kan, kí ọmọ tó bá ti parí ìlà àríwá lè bọ́ sínú ìbéèrè tó kàn láìwá a.

Ní báyìí, fídíò tí mo ṣe lórí circle theorem ti kọjá ọgọ́rùn-ún, òkè kan sì wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 1:50, níbi tí mo ti kàn sọ pé igun àárín jẹ́ ìlọ́po méjì igun tó wà létí sákù. Mo ti fún kíláàsì mi ní ìbéèrè náà láná. Ìwé wọn wà lórí tábìlì mi, alẹ́ òní ni mo fẹ́ máàkì ẹ̀ kí Sátidé tó dé.